Tíkẹ́ẹ̀tì 1, 2, 3, 4, 5, 6 kò burú ju tìrẹ lọ

Ní ìdí kíóòsì lọ́tò, ì báà jẹ́ ní Muṣin tàbí ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tó bá kọ 1, 2, 3, 4, 5, 6 sílẹ̀, kíá ni wọ́n á ní ó fẹ́ fi owó ṣòfò. "Ìgbà wo lo rí nọ́ńbà tó tò tẹ̀léra bẹ́ẹ̀ jáde rí?" Lóòótọ́, ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìṣirò rẹ̀ ni pé ìyẹn kò ba tíkẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ rárá.

Ẹ wá ìdérí ìgò mínírà mẹ́fà. Ẹ kọ 1 dé 6 sínú wọn, ẹ dà wọ́n sínú ọ̀rá dúdú, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ mú mẹ́ta láì wò ó. Oríṣi mẹ́ta-mẹ́ta tó lè jáde kò ju 20 lọ. Ẹ lè kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan. Mẹ́rin péré ló tẹ̀léra níbẹ̀: 1-2-3, 2-3-4, 3-4-5 àti 4-5-6. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé 16 yòókù la óò máa rí lemọ́lemọ́. Àwọn ló pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú 1-4-6 kò mú gbogbo 16. Ẹyọ kan ló mú. Bí 1-3-5 bá jáde, òfo ló bá délé, bí ẹni tó mú 1-2-3 gẹ́lẹ́. Ọ̀kan nínú 20 ni kálukú wọn ní.

Bó ṣe rí náà nìyẹn níbi tí wọ́n ti ń mú bọ́ọ̀lù 6 nínú 49. Kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jáde jẹ́ ọ̀kan nínú tiyín, 6 nínú 49 ni. Èkejì, 5 nínú 48. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 1 nínú 44. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, ẹ óò rí 1 nínú 13,983,816. Kò sí ibì kankan nínú ìṣirò yẹn tí wọ́n ti bèèrè ohun tí ẹ kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dọ́gba ní ìwúwo àti ní títóbi, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé 4 ló tẹ̀lé 3.

Ibi tí nọ́ńbà tó tẹ̀léra ti lè ṣàkóbá ni ìgbà tí wọ́n bá ń pín owó. Ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2020, 5, 6, 7, 8, 9 ló jáde, bọ́ọ̀lù tí wọ́n mú láti inú ẹ̀rọ kejì sì jẹ́ 10. Àwọn kan pariwo pé màgòmágó ni. Ṣùgbọ́n ogún ènìyàn ló ti mú u, nítorí pé ó rọrùn láti kọ, wọ́n sì pín owó náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.7 randi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹyọ ènìyàn kan ló mú u ni, òun nìkan ni ì bá kó gbogbo rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn tó ń fi ọjọ́ ìbí ta lọ́tò, tí wọn kì í kọjá 31.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń sanwó. Bó bá jẹ́ iye kan pàtó lórí náírà tí ẹ fi ta á, bíi ti lọ́tò márùn-ún nínú 90 tí wọ́n ń ta káàkiri Èkó, ẹni tó bá mú irú tiyín kò dín owó yín kù. Bó bá jẹ́ àpò owó kan ni gbogbo ẹni tó jẹ ń pín, 1, 2, 3, 4, 5, 6 ṣì lè jáde bí èyíkéyìí mìíràn, àmọ́ èrò á pọ̀ nídìí rẹ̀.