Ìlà ń sọ̀kalẹ̀, owó ọjà ń gòkè: ohun tí mo kọ́ nínú àwòrán ìròyìn kan

Ní oṣù kejì ọdún 2025, àwòrán kan wọlé sórí fóònù mi pẹ̀lú ìròyìn nípa ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Nàìjíríà. Ìlà pupa kan ló wà nínú rẹ̀. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti apá òsì, nígbà tó kù díẹ̀ kó dé etí ọ̀tún, ó já wálẹ̀ gbì. Màmá mi, tí wọ́n ń ta òróró, bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ọjà ti ń wálẹ̀ o."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ta kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tó kù nílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, torí wọ́n rò pé àwọn máa rí òmíràn rà ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún wọn, iye tí wọ́n bá níbẹ̀ ju iye tí wọ́n ta tiwọn lọ. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ṣé ohun tó wà nínú àwòrán yẹn nìyí?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún àwòrán náà ṣí, mo sì fi ọwọ́ fẹ̀ ẹ́ kó lè tóbi. Ìlà ìbú, èyí tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀, oṣù ló wà lórí rẹ̀. Ìlà òró, èyí tó dúró lápá òsì, nọ́ńbà ló wà lórí rẹ̀, àmì % sì tẹ̀ lé wọn. Kò sí náírà kankan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wínníwínní ni pé ó ń sọ ìdá tí owó ọjà fi lé sí ti oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Ìlà yẹn kì í sọ iye tí wọ́n ń ta ọjà, bí owó ọjà ṣe ń yára lé sí i ló ń sọ.

Ká ní ọjà kan jẹ́ ₦1,000. Lọ́dún kejì, ó fi 30% lé, ó di ₦1,300. Lọ́dún kẹta, ó fi 20% lé, ó di ₦1,560. Bí ẹ bá ya èyí, ìlà á sọ̀kalẹ̀ láti 30 sí 20, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń rà á ti fi ₦260 kún owó rẹ̀. Àfi bí ìlà bá gba abẹ́ òdo kọjá la tó lè sọ pé ọjà wọ́n dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Pẹ̀lú èyí náà, àpapọ̀ ọjà káàkiri orílẹ̀-èdè ni wọ́n kó pọ̀. Kò lè sọ iye òróró lọ́jà màmá mi.

Ó wá ku bó ṣe já wálẹ̀ gbì yẹn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nọ́ńbà náà jẹ́ 32.70, 33.88, 34.60, 34.80. Lójijì, ní oṣù kìíní 2025, ó di 24.48. Ohun tí kì í sún ju ìwọ̀nba lóṣù kan, báwo ló ṣe fò sọ̀kalẹ̀ tó mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan? Ìdáhùn wà nínú ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ní ìpínrọ̀ tí mi ò kà: NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣírò rẹ̀, ti pààrọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún àwọn ọjà tí wọ́n ń wọ̀n tò. Ó dà bíi kí oníṣòwò fi kóńgò kan wọn gàrí títí di oṣù kejìlá, kó wá gbé kóńgò mìíràn ní oṣù kìíní. Kò yẹ kí ẹni tó ya àwòrán náà fa ìlà kan ṣoṣo kọjá ibẹ̀. Ó yẹ kó gé e, kó sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Nísinsìnyí, tí mo bá rí irú ìfò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Ní ti àwòrán tí wọ́n fi igi ìdúró yà dípò ìlà, ibi tí ìlà òró ti bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń wò. Ká ní wọ́n ya 32.15 ti oṣù kẹjọ 2024 àti 34.80 ti oṣù kejìlá, àmọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti 30 dípò òdo. Igi kejì á ga ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ lójú, bẹ́ẹ̀ ohun tó fi jù ú lọ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Nígbà tí nọ́ńbà oṣù kẹsàn-án 2025 jáde, 18.02%, mo sọ fún màmá mi pé, "Ọjà ṣì ń lé o, àmọ́ kò yára lé bíi ti tẹ́lẹ̀." Wọ́n ní, "Òróró ńkọ́?" Mo ní kò sí níbẹ̀. Wọ́n pe ẹni tó ń kó ọjà fún wọn lórí fóònù.