Ọjọ́rú: lẹ́tà àtúntò iṣẹ́ tó ń lọ sí ẹ̀ka ìdìpọ̀

Ojú ewé kan péré ni lẹ́tà tó wà lórí tábìlì lónìí. Máníjà ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ìkejà ló fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí ẹ̀ka ìdìpọ̀, a sì fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ohun tó sọ nìyí: ṣíìfù mẹ́ta yóò di méjì, ipò iṣẹ́ mẹ́jọ yóò sì parí.

Gbólóhùn tó gbé ìròyìn náà ló le jù. «A óò dá yín dúró» ló kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí a dá dúró lè rò pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, òun yóò sì padà. «Lé kúrò» burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń lé. «Fi iṣẹ́ sílẹ̀» sọ pé òṣìṣẹ́ ló fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ, ìyẹn sì lè dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí ọ̀rọ̀ dá lórí iṣẹ́, kì í ṣe lórí ènìyàn: «Ipò iṣẹ́ mẹ́jọ ní ṣíìfù alẹ́ kò ní sí mọ́ lẹ́yìn 30 oṣù Kẹsàn-án. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀.» Ó dunni, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

«Yín» náà gba àkíyèsí. Ọ̀wọ̀ ni fún ẹnì kan, ó sì tún jẹ́ ti ọ̀pọ̀. Bí lẹ́tà bá sọ pé «iṣẹ́ yín yóò parí», gbogbo ẹ̀ka ni yóò gbà pé àwọn ni. «Àwọn mẹ́jọ nínú yín» ló yanjú rẹ̀.

Máníjà kọ ọ́ pé ẹni tó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ. Apá 20 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n tún wo ìmọ̀ iṣẹ́ àti bí ènìyàn ṣe ṣeé gbára lé. Bí ìtumọ̀ bá gé apá kejì yìí kúrò kí ó lè rọrùn, ó ti ṣèlérí ohun tí ilé iṣẹ́ lè má mú ṣẹ. Òfin kan náà, ní apá 11, fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Ìdí nìyẹn tí «oṣù tó ń bọ̀» kò fi tó. Ọjọ́ gan-an ni kí a kọ.

Kí lẹ́tà tó jáde, ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó kà á sókè. Ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ yóò béèrè ni «Ṣé èmi náà wà nínú wọn?» Lẹ́tà yìí kò dáhùn. Ó yẹ kí máníjà fi gbólóhùn kan kún un: ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba lẹ́tà tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ṣíìfù rẹ̀.