“To” kan, iṣẹ́ méjì

Ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà iṣẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn méjì wà tí ọ̀gá mi kì í yé fi bírò pupa fàlà sí lábẹ́: “I look forward to meet you” àti “I suggest to change the date”. Ó máa ń kọ “meeting” àti “changing” sí òkè wọn láìṣàlàyé. Èmi náà há wọn sórí, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn bá ti bọ́ síbẹ̀, màá tún ṣì í kọ.

Èdè wa gan-an ni ó là mí lójú nígbẹ̀yìn. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “to” nínú irú gbólóhùn báyìí, ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ní fún un: “láti” àti “sí”. Nínú “I want to meet you”, “láti” ni, ọ̀rọ̀-ìṣe sì lè tẹ̀ lé e bí ó ṣe wà. Nínú “look forward to”, “sí” ni. Ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ó sì ń fẹ́ lẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá máa wọ ibẹ̀, àfi kí ó kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, bí àwa náà ṣe ń sọ “rí” di “rírí”. Iṣẹ́ yìí ni “-ing” ń ṣe. Nítorí pé a máa ń sọ pé “mò ń retí láti rí yín” ni a ṣe ń ṣìnà.

Ẹ fi “it” sí ẹ̀yìn “to” náà kí ẹ wò ó. “I look forward to it” dúró dáadáa. “I want to it” kò lè dúró. Ibi tí “it” bá ti dúró, “-ing” ni kí ẹ kọ. Èyí náà ló ya “I am used to working late”, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti mọ́ mi lára, sọ́tọ̀ kúrò lára “I used to work late”, èyí tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀ rí.

Ìdánwò yìí kò ran “suggest” lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í gba “to” àti ọ̀rọ̀-ìṣe rárá. “Propose” ni mo rò pé ó ń tàn wá jẹ: “I propose to change the date” tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi fúnra mi ti pinnu láti yí ọjọ́ náà padà. Àbá lásán ni “suggest”. “I suggest changing the date” tọ̀nà, àmọ́ kò sọ ẹni tí yóò yí i. Nítorí náà, nínú lẹ́tà iṣẹ́, “I suggest that we change the date” ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ má sì torí èyí pa gbogbo “to” tí ẹ bá rí lẹ́yìn “suggest” rẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú lẹ́tà ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ó kọ “I suggested to her to change the date”: mo pa “to” méjèèjì rẹ́, ó ku “I suggested her change the date”, ọ̀gá wa sì dá a padà. “To” àkọ́kọ́ kò ní àbùkù, nítorí pé ẹni tí a dábàá fún ló tẹ̀ lé e. Èkejì nìkan ni ó yẹ kí n yọ, kí n sì kọ ọ́ báyìí: “I suggested to her that we change the date”.