Ṣíbí tíì kan lójúmọ́

Mi ò gba kireatíìnì, ìyẹ̀fun táwọn eléré ìdárayá máa ń mu kí iṣan wọn lè lágbára, gbọ́ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo ra agolo kan, ọkàn mi ti ń sọ pé kọ́sẹ̀ tó parí, kò sí ẹni tó máa lé mi bá lórí pápá.

Ọjọ́ kẹta, kò sí nǹkan kan. Ni mo bá da ṣíbí mẹ́rin pọ̀ sínú omi tútù, mo gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tiẹ̀ yòrò tán, ṣe ló ń dún léyín mi bí iyanrìn. Inú run mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù níbí ní Ifẹ̀ ló jókòó tì mí. "Àbúrò, iṣan ẹ lo fẹ́ kó kún, kì í ṣe ikùn ẹ. Gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Tó bá fi máa kún, á tó ọ̀sẹ̀ 3 sí 4." Ó ní kò ní mú kí n lè sáré fún ìṣẹ́jú 90 láìrẹ̀ mí, eré àsápajúdé tí mo bá ń sá léraléra ni màá ti rí i.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo fi kílò 1 wúwo sí i. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ọ̀rá ni. Ẹ̀gbọ́n ní omi tí iṣan ń fà mọ́ra ni.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, a sá mítà 30 nígbà 10. Ìkeje ni ẹsẹ̀ mi máa ń kọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìkẹsàn-án ló tó kọ̀. Lóòótọ́, a ò pa ìdánrawò jẹ rárá lóṣù náà, ìyẹn náà kó ipa tirẹ̀. Mo bu ṣíbí kan lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rò ó sómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, mo mu ún.