Iṣẹ́ tó há sọ́wọ́ ẹlòmíràn

Lánàá ni mo kọ ìwé tí mo fi fa iṣẹ́ mi lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Àwọn tó ti parí kò pẹ́ rárá: orúkọ iṣẹ́, ọjọ́ tó parí, ibi tí fáìlì wà. Àwọn tó ṣẹ́kù díẹ̀, mo kọ ibi tí mo bá a dé àti ohun tó kàn.

Èyí tó há ló gba àkókò mi. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Owó kọ̀ǹpútà: kò tíì jáde." Nígbà tí mo kà á padà, ẹ̀rín pa mí. Kí ni ẹni ẹlẹ́ni fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Mo pa á rẹ́, mo tún un kọ:

"Ìwé owó kọ̀ǹpútà 3 wà lọ́dọ̀ akápò. Kò lè buwọ́ lù ú, torí ìwé iye owó tí olùtajà fún wa ti kọjá ọjọ́. Ọjọ́ 12 oṣù yìí ni mo bèèrè tuntun. Ẹ pe olùtajà ní ọjọ́ Ajé. Ẹ má yọ akápò lẹ́nu o, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló ti há."

Ẹni tó gba iṣẹ́ náà pè mí láàárọ̀ yìí. Ìbéèrè kan péré ló ní: nọ́ńbà olùtajà dà? Háà! Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀.