Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lálẹ́ àìsùn: fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún, àti ibi tí kò ti jẹ́ ìkarùn-ún

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni, ọyẹ́ ti bo Kúbwà, gbogbo ètè ti là. Àìsùn la wà ní ilé ìjọsìn wa. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá iná lọ, epo inú jẹnẹrétọ̀ ti tán, kíbọ́ọ̀dù dákẹ́. Fóònù mi tí túnà tí mo fi ń wọn ohùn okùn wà lórí rẹ̀ ti kú láti ìrọ̀lẹ́. Gìtá mi nìkan ló kù, òun náà sì ti bàjẹ́ lóhùn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ta gìtá nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú ni mo fi ń túùnù: bí iná túnà bá ti di aláwọ̀ ewé, ó parí nìyẹn.

Mo rántí pé wọ́n ní bí kò bá sí túnà, fírẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ìyẹn ìkarùn-ún nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, ni wọ́n fi ń tún ohùn okùn ṣe. Mo bá tẹ ìkarùn-ún lórí okùn kọ̀ọ̀kan, mo ń fún èyí tó tẹ̀ lé e títí ohùn wọn fi jọra. Nígbà tí mo dé òpin, mo ta kọ́ọ̀dù G. Ẹ̀gbọ́n kan lára àwọn akọrin bojú wẹ̀yìn wò mí bíi pé mo tẹ ológbò mọ́lẹ̀.

Bàbá kan tí ó ti ta gìtá fún ẹgbẹ́ jújú nígbà èwe wọn ló jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, okùn kẹta sí ìkejì lo gbàgbé. Kọ dò, re, mí, fá fún mi." Mo kọ ọ́. "Láti okùn kan sí èkejì lórí gìtá, dò sí fá ni. Ibì kan ṣoṣo ló ti jẹ́ dò sí mí, láàárín ìkẹta àti ìkejì. Mélòó ni mí fi dín sí fá?" Ìdajì ohùn ni, ìyẹn fírẹ́ẹ̀tì kan. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ ìkẹrin la ó tẹ̀ níbẹ̀. Èmi tẹ ìkarùn-ún, mo sì fi ìdajì ohùn gbé okùn kejì ga jù. Okùn kìíní tí mo fi tirẹ̀ wọ̀n náà bá a ga.

Bí ó ṣe lọ nìyí. Okùn kẹfà ni ó nípọn jù, E ni. Ẹ tẹ ìkarùn-ún rẹ̀, A ni yóò fún yín, ẹ fi tún okùn karùn-ún ṣe. Ìkarùn-ún lórí okùn karùn-ún yóò fún okùn kẹrin ní D, ìkarùn-ún lórí okùn kẹrin yóò fún okùn kẹta ní G. Ìkẹrin lórí okùn kẹta ló ń fún okùn kejì ní B. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí ìkarùn-ún lórí okùn kejì, kí okùn kìíní lè jẹ́ E. Bí kò bá sí ohun èlò kankan tí ẹ lè gba E àkọ́kọ́ lára rẹ̀, ẹ fi okùn kẹfà sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a, bí kò bá ṣáà ti dẹ̀ débi pé ó ń gbá fírẹ́ẹ̀tì. Gìtá yóò bá ara rẹ̀ mu, akọrin ni yóò wá bá gìtá.

Ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù ni bí a ṣe ń gbọ́ ọ. Èmi rò pé ẹni tó bá ní etí dáadáa ló ń mọ̀ pé ohùn méjì jọra. Bàbá ní kí n má wá ìjọra, kí n wá ìmì. Ẹ ta okùn méjèèjì pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dún. Bí wọ́n bá ti súnmọ́ra ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì pé, ẹ ó gbọ́ wáà-wáà-wáà. Bí ó bá ń mì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, hẹ́ẹ̀tísì 2 péré, ìyẹn ìgbọ̀n méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ló wà láàárín wọn. Bí ẹ ṣe ń súnmọ́ ọn, ìmì náà á máa falẹ̀, wáàà… wáàà…, títí yóò fi dúró. Bí ó bá ń yára sí i, ọ̀nà òdì lẹ ń yí èèkàn tí a fi ń fún okùn sí. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa gbà gòkè. Bí ẹ bá ti kọjá, ẹ dẹ okùn náà sísàlẹ̀ dáadáa kí ẹ tó tún fún un wá, nítorí pé eyín inú èèkàn máa ń ní àlàfo díẹ̀, okùn tí a dẹ̀ wá síbi ohùn rẹ̀ tún lè yọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ta á. Ẹ tẹ ìka yín sẹ́yìn irin fírẹ́ẹ̀tì gan-an, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fún ọsàn: ìka tó wúwo ń gbé ohùn ga.

Lẹ́yìn tí mo ti tún un ṣe, okùn kìíní ṣì wálẹ̀ díẹ̀ sí ti kẹfà, bẹ́ẹ̀ E ni àwọn méjèèjì. Àṣìṣe kékeré ló ń gorí ara wọn: bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá fi díẹ̀ wálẹ̀, okùn ìkẹyìn ló ń ru ẹrù gbogbo wọn. Bàbá ní kí n tẹ fírẹ́ẹ̀tì kejì lórí okùn kẹrin. E ni òun náà, ó fi ọ̀wọ́ ohùn kan, ìyẹn láti dò dé dò òkè, ga ju okùn kẹfà lọ, ó sì fi ọ̀wọ́ kan rẹlẹ̀ sí okùn kìíní. Mo ta á pẹ̀lú kẹfà, ó dúró ṣinṣin. Mo ta á pẹ̀lú kìíní, ó ń mì. Ó túmọ̀ sí pé mẹ́ta ìsàlẹ̀ dára, àti pé láti okùn kẹta sókè ni ẹ̀bi wà. Mo padà síbẹ̀: okùn kẹta gan-an ló wálẹ̀, ó sì fa kejì àti kìíní tẹ̀ lé e. Mo ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tun, ìmì náà dúró.

Ohun kan wà tí mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ akọrin wa báyìí. Wọ́n á ta kọ́ọ̀dù G, wọ́n á ní okùn kejì ga díẹ̀, wọ́n á dẹ̀ ẹ́ títí kọ́ọ̀dù náà fi dùn bí oyin. Ìgbà tí wọ́n bá wá ta kọ́ọ̀dù E, ó bàjẹ́. Dò sí mí tí etí wa fẹ́ràn jù kéré díẹ̀ sí èyí tí a fi fírẹ́ẹ̀tì pín sórí gìtá. Bí a bá fi tẹ́ kọ́ọ̀dù kan lọ́rùn, òmíràn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Èmi máa ń fi kọ́ọ̀dù yẹ̀ ẹ́ wò ni, n kì í fi tún un ṣe.

Ní àsìkò ọyẹ́, pàápàá bí mo bá gbé gìtá láti inú mọ́tò gbígbóná wọ yàrá tí éésì ti ń ṣiṣẹ́, n kì í fọwọ́ kan èèkàn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Irin okùn ń sún kì bí ó bá ti tutù, ohùn á sì máa gòkè fúnra rẹ̀. Bí okùn bá sì ń ké pín-ín nínú ihò tóóró egungun orí ọrùn gìtá, tí ohùn ń fò dípò kí ó máa gun díẹ̀díẹ̀, ihò náà ló ń há a. Mo máa ń fi ojú pẹ́ńsù fá inú rẹ̀ díẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú náà á sì jẹ́ kí okùn máa yọ̀ kọjá.