Àbùlẹ̀ tí kò hàn lórí bánà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí fọ́tò aláṣọ àdìrẹ

Tí a bá yọ nǹkan kúrò nínú fọ́tò, tí a sì fi nǹkan mìíràn dí ojú ibẹ̀, hóró ló sábà máa ń tú àṣírí wa lórí bánà. Gbogbo fọ́tò ló ní hóró kéékèèké tó fọ́n ká lára rẹ̀, àgàgà èyí tí wọ́n fi fóònù yà. Lójú fóònù, a kì í rí wọn. Ṣùgbọ́n bí bánà bá ti ga ju ènìyàn lọ, hóró yẹn ló ń jẹ́ kí ojú gbà pé awọ ara, aṣọ àti òkúta inú fọ́tò náà wà papọ̀ nígbà tí wọ́n yà á. Bí àbùlẹ̀ bá dán ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí tí hóró tirẹ̀ tóbi ju ti àyíká lọ, ojú ẹni tó ń kọjá ní Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta á lọ síbẹ̀ tààrà. Ó lè má mọ ohun tó rí gan-an, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù ni bánà ọgọ́rin ọdún Màmá kan níbí ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ya Màmá ní ìjókòó, Òkè Olúmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ bùbá àdìrẹ aláró tí wọ́n rà ní ọjà Ìtòkú. Fọ́tò náà dára gan-an, àfi pé ọwọ́ ẹnì kan wà léjìká òsì Màmá, kúlà aláwọ̀ pupa kan sì wà nílẹ̀ níwájú òkúta. Ọmọ Màmá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọwọ́ yẹn. Ẹni tó ni ín kò sí nínú fọ́tò mọ́, ọwọ́ nìkan ló kù.” Bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́fà ni wọ́n fẹ́.

WhatsApp ni wọ́n fi fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi, mo sì ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Ìdí rẹ̀ nìyí. Èyí tó bá gba ọ̀nà fọ́tò lásán wọlé sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 1600 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá jẹ́ ínṣì 120. Tí ẹ bá pín 1600 sí 120, píksẹ́lì mẹ́tàlá péré ló bọ́ sínú ínṣì kan. Èyí tó wá burú jù ni pé JPEG máa ń fún fọ́tò pọ̀ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin tó jẹ́ píksẹ́lì mẹ́jọ sí mẹ́jọ. Lórí bánà yìí, igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀. Bí a bá wá fi àbùlẹ̀ tó mọ́ tónítóní sáàárín irú igun bẹ́ẹ̀, mímọ́ rẹ̀ gan-an ló máa pe ojú sí i. Èyí tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document jẹ́ 4000 sí 3000, bó ṣe jáde nínú fóònù. Mo gé e sí 4000 sí 2400 kó lè bá bánà mu. Ìyẹn jẹ́ píksẹ́lì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú ínṣì kan, ó sì tó fún bánà tí ènìyàn máa wò láti òdìkejì títì.

Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ fa fọ́tò tóbi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan. Èmi kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí kámẹ́rà yà á ni mo ti máa ń fi àbùlẹ̀ sí i, tí mo bá ṣe tán ni mo tó máa ń fà á. Bí a bá fà wọ́n papọ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà bá ṣe sí àyíká náà ni yóò ṣe sí àbùlẹ̀.

Kúlà yẹn kò gba àkókò. Òkúta Olúmọ ní ojú tó rí wúruwùru, ibi tó jọ ara wọn sì pọ̀ lára rẹ̀, nítorí náà mo mú láti ibi mẹ́ta tí ìmọ́lẹ̀ wọn bára mu, mo fi bo ojú kúlà, mo sì kọjá lọ.

Èjìká ni iṣẹ́ wà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí Màmá wọ, nítorí náà kò sí igun mẹ́rin méjì lára rẹ̀ tó bára mu délẹ̀délẹ̀. Bí ẹ bá fi Clone Stamp inú Photoshop, tó ń da apá kan fọ́tò kọ sí ibòmíràn, mú àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ojú àwọn tó ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú á rí i kíá, torí pé ibi tí aró ti yọ́ wọnú funfun díẹ̀ á rí bákan náà lápá méjèèjì. Mo kọ́kọ́ ronú pé kí n mú láti ara aṣọ tó wà lórí itan Màmá, ṣùgbọ́n itan sún mọ́ kámẹ́rà ju èjìká lọ, àwòrán rẹ̀ sì tóbi jù. Bí mo bá sún un kéré kó lè bá èjìká mu, hóró rẹ̀ á kéré pẹ̀lú. Irú àbùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mú ju àyíká rẹ̀ lọ. Èyí tí a bá fà tóbi, hóró tirẹ̀ á fẹ̀, á sì rọ̀.

Èjìká ọ̀tún ni mo wá lò. Mo dà á kọ sórí lẹ́yà tuntun, mo sì yí i padà kó di ti òsì pẹ̀lú Flip Horizontal. Irú yíyí bẹ́ẹ̀ kì í ba hóró jẹ́, nítorí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan kàn ń pàrọ̀ àyè ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá da aṣọ náà dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n bíi digíríì méje péré, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣírò gbogbo píksẹ́lì rẹ̀ tuntun, á sì dán sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ọ̀tún wá wá di èyí tó ń ti òsì wá. Mo fi Curves, tó ń yí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò padà, tún ìyẹn ṣe lórí lẹ́yà tirẹ̀, mo sì fi Clone Stamp pa igun mẹ́rin bíi mélòó kan dà kí èjìká méjèèjì má baà jọ ìbejì.

Nǹkan tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni kọ́ni ni ti ẹnu àbùlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ pátápátá, Hardness 0%, pẹ̀lú èrò pé ẹnu rẹ̀ á lè wọ inú àyíká. Wíwọ̀ yẹn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Níbi tí àbùlẹ̀ àti fọ́tò ti di ìdajì-ìdajì, hóró méjèèjì máa ń pa ara wọn, ibẹ̀ á sì dán. Ohun tó máa yọ lórí bánà ni òrùka tó rọ̀ yí àbùlẹ̀ ká. Àárín rẹ̀ dára, ìta rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òrùka náà ń wò yín. Láàárín 60% sí 80% ni mo máa ń fi Hardness sí, mo sì máa ń jẹ́ kí ẹnu àbùlẹ̀ tẹ̀lé ìlà tó ti wà nílẹ̀: ìṣẹ́po aṣọ, ojú rírán, ẹ̀gbẹ́ àwòrán funfun lára aró. Healing Brush sì rèé, mi ò jẹ́ kó sún mọ́ ibi tí aró ti kan awọ ọrùn Màmá, nítorí ó máa ń fa àwọ̀ ọ̀kan wọnú èkejì.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé hóró ti bára mu? Ojú lásán kò tó. Nínú Photoshop, ẹ ṣí Histogram, ẹ yàn án sí Expanded View, ẹ sì tẹ àmì kékeré tó ń tún un kà. Ẹ wá sàmì sí igun mẹ́rin kékeré kan tí kò ní àwòrán nínú, ìyẹn ibi tó jẹ́ aró lásán, nínú àbùlẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí iwájú Std Dev, èyí tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ àwọn píksẹ́lì ibẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ara wọn tó. Ẹ ṣe bákan náà ní ibi tó jọ ọ́ níta àbùlẹ̀. Nínú fọ́tò Màmá, ìta jẹ́ nǹkan bíi 6, ibi tí mo ti da èjìká dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kó lè jókòó dáadáa sì jẹ́ nǹkan bíi 4. Mo fi lẹ́yà eérú 50% sórí àbùlẹ̀ náà nìkan, mo sọ ọ́ di Overlay, mo lo Add Noise, mo yan Gaussian àti Monochromatic, lẹ́yìn náà mo fi Gaussian Blur 0.6 rọ̀ ọ́. Rírọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, torí hóró fóònù máa ń dì mọ́ra díẹ̀, èyí tó bá jáde láti inú Add Noise sì máa ń mú ṣónṣó. Mo ń pọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ títí nọ́ńbà méjèèjì fi sún mọ́ra.

Kí n tó fà á, mo máa ń fi Curves kan sókè pátápátá, tí ìlà rẹ̀ ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gòkè. Fọ́tò á dà bí nǹkan burúkú, ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀ á yọ jáde. Bí mo bá ti tún un ṣe, mo máa ń pa Curves yẹn rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá pa lẹ́yà pọ̀, mo sì lọ sí Image Size: 8640 sí 5184, 72 nínú ínṣì, Preserve Details, Reduce Noise ní 0%. Tí ẹ bá jẹ́ kó yọ hóró, gbogbo ìpọ́njú tí ẹ fi Std Dev ṣe ti ṣòfò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń lo Unsharp Mask, tó ń jẹ́ kí fọ́tò mú ṣónṣó, níbí yìí, lórí gbogbo fọ́tò náà lápapọ̀. Bí a bá lò ó fún àbùlẹ̀ lọ́tọ̀, tí a tún lò ó fún ìyókù lọ́tọ̀, ẹnu rẹ̀ á tún hàn.

Ẹ má tíì fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ gé apá kan tó jẹ́ píksẹ́lì 842 sí 595, kí ẹnu àbùlẹ̀ wà láàárín rẹ̀ gangan. Ní 72 nínú ínṣì, ìwé A4 kan nìyẹn, kò sí ìwọ̀n mìíràn tí ẹ máa ṣírò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 100%, ẹ fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ lọ dúró ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì pe ẹni tí kò mọ ibi tí àbùlẹ̀ wà kó wò ó. Fún bánà Màmá, ọmọ iṣẹ́ mi ló wò ó. Ojú rẹ̀ lọ síbi àbàwọ́n kan lára òkúta, èyí tó ti wà lára Olúmọ fúnra rẹ̀. Ìdánwò yìí kò lè sọ fún yín bí àwọ̀ ṣe máa rí lórí bánà, torí yíǹkì àti bébà yàtọ̀, ṣùgbọ́n hóró àti ẹnu àbùlẹ̀ á hàn kedere.

Fláàṣì ni mo máa ń fi gbé TIFF rẹ̀ lọ, mo sì máa ń sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé kó má fà á, kó má sì tún fi ohunkóhun sọ ọ́ di mímú ṣónṣó. Bó bá nílò àyè fún ojú òrùka tí wọ́n máa fi so ó, kó fi funfun kún ẹ̀gbẹ́ bánà níta, kó má ṣe fún fọ́tò náà pọ̀.